Ẹ má kàn tẹ Accept All lórí ìwé tẹ́ ẹ fi ọdún mẹ́ta kọ

Òǹkọ̀wé kan tí mò ń bá ṣe olóòtú ìwé ẹ̀ tún pè mí láàárọ̀ kùtù lánàá pé, "Ẹ̀gbọ́n, fáìlì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti bàjẹ́ o, gbogbo ẹ̀ pupa, àbí fáírọ́ọ̀sì ni?" Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, iṣẹ́ tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ gan-an nìyẹn. Track Changes inú Word ni mo fi ṣe é, òun ló ń sàmì sí gbogbo àtúnṣe kẹ́ ẹ lè rí i. Ọ̀rọ̀ tí ìlà gba àárín ẹ̀ kọjá ni mo ní ká yọ, èyí tó ní ìlà lábẹ́ ni mo ní ká fi sí i, èyí tó wà létí ìwé lápá ọ̀tún, ìbéèrè ni, ó sì ń retí ìdáhùn. Ẹ̀yin lẹ ni ìwé, ẹ̀yin lẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú rí. Ẹnì kan kọ ìtàn bàbá bàbá ẹ̀, kò fi àmì kankan sí i. Ó kọ ọ́ pé "Baba gbe oko re si egbe ile, o wole lo jeun." Ojú ìwé tó ṣáájú ti sọ̀rọ̀ lọ́rì tí bàbá fi ń kó kòkó, ni mo bá pa "oko" rẹ́, mo tẹ "ọkọ̀". Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, mo fi kọ́míǹtì sí i: "Ṣé ọkọ̀ tó fi ń kó kòkó ni àbí ọkọ́ tó fi ń roko?" Ọ̀gá yìí ò kà á. Ó tẹ Accept All Changes, ó fi gba gbogbo àtúnṣe mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó rí i pé àwọn kọ́míǹtì ṣì wà níbẹ̀ torí Accept ò kàn wọ́n, ló bá tẹ Delete All Comments in Document, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ̀dà 300 jáde. Nígbà tó di ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, bàbá gbé ọkọ̀ yẹn kan náà kọ́ èjìká, ó lọ pa koríko ìdí iṣu! Ó dùn mí dọ́kàn, torí ìbéèrè yẹn ti wà níwájú ẹ̀.

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ lọ sí Review nínú Word, ẹ yan All Markup, torí Simple Markup kò ní fi ju ìlà kékeré létí ìwé hàn yín. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, ẹ tẹ Next, ẹ ka gbogbo gbólóhùn náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan péré, kẹ́ ẹ tó tẹ Accept tàbí Reject. Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ jù rèé: tí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíì, méjì ni Word kà á sí, yíyọ kan, fífi sí kan. Tẹ́ ẹ bá tẹ Reject fún yíyọ tẹ́ ẹ sì tẹ Accept fún fífi sí, ọ̀rọ̀ méjèèjì máa jókòó pa pọ̀, ẹ máa rí "okoọkọ̀". Ẹ fi máòsì fa àwọn méjèèjì dúdú kẹ́ ẹ tó tẹ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Kọ́míǹtì ní tiẹ̀, Reply lẹ máa tẹ, ẹ kọ èsì yín síbẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù níbi tí mi ò ti ní mọ ojú ìwé tẹ́ ẹ ń sọ.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n á yan No Markup, wọ́n á rí i pé ìwé ti mọ́, wọ́n á ní ó ti parí. Irọ́ o! Ṣe lẹ fi aṣọ bò ó. Atẹ̀wé ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ tún yọjú. Pípa Track Changes náà ò yọ ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àtúnṣe tuntun nìkan ni kò ní máa sàmì sí mọ́. Ẹ padà sí All Markup, ẹ tẹ Next, tí Word bá sọ pé kò sí mọ́, ó ti parí nìyẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pera wọn ní olóòtú tí wọ́n á dá ìwé padà funfun báláú, wọ́n á ní "mo ti bá yín tún un ṣe". Kí ló tún ṣe? Ta ló rí i? Ẹni tó ti yí òwe ìyá yín padà sí èyí tó mọ̀ nílùú tiẹ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ wá fáìlì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un, ẹ lọ sí Review, ẹ tẹ Compare, ẹ fi tiyín sí Original document, tiẹ̀ sí Revised document. Word máa ṣí fáìlì tuntun, gbogbo ohun tó fọwọ́ kàn máa hàn níbẹ̀, ẹ sì lè máa gbà á tàbí kọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó bá ti fi fáìlì tí olóòtú dá padà rọ́pò ti ara ẹ̀ kò ní ohun tó máa fi wé e, ẹ yáa tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ yẹn pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, títí kan èmi.