Bí ìwé ìfilọ̀ káńsù ṣe ń di Yorùbá tí ọlọ́jà lè gbọ́

Ìwé ìfilọ̀ tí káńsù bá kọ ní Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dárúkọ ẹni tó máa ṣe iṣẹ́. Á ní kí iṣẹ́ di ṣíṣe, á sì dákẹ́. Ẹni tó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì dáadáa yóò fọkàn rò ó kún un. Yorùbá kò gba irú ìyẹn ní ìrọ̀rùn: bí a bá ní wọ́n gbá nǹkan, a fẹ́ mọ ẹni tó gbá a. Ògbufọ̀ tí kò bá mọ ẹni náà yóò kàn fi "a" tàbí "wọn" dí àlàfo, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ti ń dàrú.

Ká mú un pé káńsù kan ní gúúsù Kwara kọ̀wé sí àwọn ọlọ́jà nípa gọ́tà iwájú ìsọ̀, lọ́jọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà, ọdún 2025. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ru gbogbo ẹrù náà. Bí a bá ń tọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò jáde nìyí:

"A ń fi àkókò yìí darí gbogbo àwọn onísọ̀ láti rí i dájú pé àwọn gọ́tà tí ó wà ní iwájú àwọn ìsọ̀ wọn ni a gbá mọ́ tí a sì kó àwọn ìdọ̀tí wọn kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, èyí tí àìtẹ̀lé rẹ̀ yóò fa títìpa ìsọ̀ àti/tàbí owó ìtanràn mọ́ra."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí Yorùbá kì í lò. Síbẹ̀, obìnrin tó ń ta èlùbọ́ yóò gbọ́ ọ tán, kò sì ní mọ ohun tó máa ṣe lọ́la.

Kí ògbufọ̀ tó tún un kọ, yóò kọ́kọ́ tú u palẹ̀ sórí ìwé lọ́tọ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá wí, kí ni kí wọ́n ṣe, ìgbà wo ni òpin rẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá kọ̀. Bí a bá ti ń dáhùn ni ihò ara ìwé náà yóò máa hàn.

Ihò àkọ́kọ́ ni "onísọ̀". Ní Ọjà Ọba n'Ílọrin tàbí ọjà Òwódé l'Ọ́fà, ẹni tó kọ́ ìsọ̀ lè wà nílé kí ẹlòmíràn máa tajà níbẹ̀. Bí a bá kọ onísọ̀, ẹni tó ń san owó ìsọ̀ yóò ní landi-lọ́ọ̀dù òun ni wọ́n ń bá wí. Landi-lọ́ọ̀dù yóò ní òun kọ́ lòun ń da omi ata sí gọ́tà. Èkejì burú jù ú lọ: ta ló máa kó ìdọ̀tí? "A sì kó àwọn ìdọ̀tí wọn kúrò" lè jẹ́ ọlọ́jà, ó sì lè jẹ́ káńsù. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀, ọlọ́jà yóò wa ẹrẹ̀ gọ́tà, yóò kó o jọ sẹ́bàá rẹ̀, yóò máa retí ọkọ̀ káńsù, òjò oṣù Kẹfà yóò sì gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà. Ìwé ìtumọ̀ kankan kò ní fi ìdáhùn èyí hàn, ẹni tó kọ ìwé náà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pè é. Ògbufọ̀ kò gbọ́dọ̀ méfò níbi tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò san owó ìtanràn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Nínú ìṣirò àbáláyé, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìdí nìyí tí òní ọjọ́ mẹ́jọ fi jẹ́ irú ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ọjà ọrọọrún sì ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin lórí kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá ka ọjọ́ mẹ́rìnlá báyìí láti 2 oṣù Kẹfà yóò parí rẹ̀ sí ọjọ́ Àìkú, 15. Káńsù tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì yóò parí tirẹ̀ sí ọjọ́ Ajé, 16. Àwọn mìíràn tún lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìwé tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó dára ni kí a béèrè ọjọ́ tí káńsù ní lọ́kàn, kí a sì kọ orúkọ ọjọ́ àti déètì rẹ̀. Bákan náà ni aago, bí káńsù bá dá a: "ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn àlàásárì" dùn ún gbọ́ n'Ílọrin, ṣùgbọ́n àkókò ìrun ń yí padà láàárín ọdún, nítorí náà iye aago gan-an ni kó dúró nínú ìwé.

Ìyókù kò le. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìwé yìí, káńsù ní agbára láti ti ìsọ̀ pa, kò sọ pé dandan ni yóò tì í. "Yóò" inú ìtumọ̀ òkè yẹn ti fi kún òfin. "Lè" ló tọ́. "Àti/tàbí" kì í ṣe ohun tí ẹnu Yorùbá ń pè rárá, ṣe ni a ń tú u sí gbólóhùn. "A ń fi àkókò yìí" kò gbé ìsọfúnni kankan, ẹ gé e dànù.

Bí ọ́fíìsì bá dáhùn pé ẹni tó ń tajà ni yóò kó ìdọ̀tí dé ibi ìkólẹ̀ ọjà, pé ọjọ́ 16 ni òpin rẹ̀, pé òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé náà lè rí báyìí:

"Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà nínú ọjà yìí, ẹ gbá gọ́tà iwájú ìsọ̀ yín mọ́. Ẹ kó ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sí ibi ìkólẹ̀ ọjà. Ẹ parí rẹ̀, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹfà, ọdún 2025. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, ìyẹn wọlé-wọlé, yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìsọ̀ tí gọ́tà rẹ̀ kò bá mọ́, káńsù lè tì í pa, tàbí kó ní kí ẹni tó ń tajà níbẹ̀ san owó ìtanràn. Ó sì lè ṣe méjèèjì."

Gbólóhùn kan ti di mẹ́fà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ìyálọ́jà tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò ni yóò kà á sókè fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Gbólóhùn tí èémí kan kò bá lè kà tán, ẹ tún un gé.

Ìdánwò rẹ̀ kù. Ẹ kà á fún ẹni méjì tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í kàwé. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn: ọ̀wọ̀ yóò mú wọn ní ó yé àwọn. Ẹ bi wọ́n pé: "Ìyá, kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe? Ibo lẹ máa kó o sí? Ọjọ́ wo ló parí?" Ibi tí ìdáhùn wọn bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà, gbólóhùn ibẹ̀ ni kí a tún kọ. Wọn kò ṣi gbọ́, àwa la ṣi kọ.

Bí ó bá kù díẹ̀ kí a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a óò tún yẹ àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà wò nínú ẹ̀dà tí ọ̀gá ìtẹ̀wé gbé padà wá, nítorí fọ́ǹtì mìíràn máa ń jẹ àmì. "Ọjọ́" tó bá di "ojo" lè di òjò lẹ́nu ẹni tó ń kà á. Nọ́ńbà ìwé àti déètì ti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà lókè ti Yorùbá gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, kí ọlọ́jà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi han wọlé-wọlé pé ìwé kan náà ni.