Bí a ṣe ń mọ sáìsì aṣọ tí a kò tíì fọwọ́ kàn

Lẹ́tà L tó wà lọ́rùn aṣọ kò sọ nǹkan kan pàtó, nítorí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan irú ara tó fẹ́ kí L tirẹ̀ bá mu. Nọ́ńbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Gáùn tí wọ́n ń pè ní 12 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 8 ló ń jẹ́ ní Amẹ́ríkà, 40 ló sì sábà máa ń jẹ́ ní Faransé. Obìnrin tó ń wọ 12 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn, tó wá ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé "12 ni kí o rà fún mi o," 16 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àbúrò ò jẹ̀bi, ohun tí wọ́n ní kó rà ló rà.

Àtẹ ìwọ̀n tó wà lábẹ́ àwòrán ọjà ló yẹ kéèyàn gbára lé. Àmọ́ oríṣi méjì ni àtẹ yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ọ̀kan ń sọ ìwọ̀n ara ẹni tí wọ́n rán aṣọ náà fún, wọ́n sì máa ń kọ "Body measurements" sórí rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìwọ̀n ara rẹ̀ nínú èyí kò ní láti fi nǹkan kan kún un, torí ẹni tó gé aṣọ náà ti fi àyè sílẹ̀ fún ara láti mí. Èkejì ń sọ ìwọ̀n aṣọ fúnra rẹ̀, "Garment measurements" tàbí "Product measurements". Bí àyà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100 nínú èyí, ẹni tí àyà tirẹ̀ jẹ́ 100 gẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ rà á. Aṣọ tí kì í nà, bí àǹkárá, gbọ́dọ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ju ara lọ ní àyà, ó kéré tán, kéèyàn tó lè gbé apá sókè nínú rẹ̀. Aṣọ tó ń nà lè kéré ju ara lọ, kó sì wọ̀ dáadáa.

Àwọn oǹtajà mìíràn kì í kọ èwo ni tiwọn. Ó ṣeé dá mọ̀ ṣá. Àtẹ tó bá ń sọ gígùn gáùn àti gígùn apá aṣọ, ìwọ̀n aṣọ ló ń sọ, nítorí kò sí ara tó ní gígùn gáùn. Bí wọ́n bá sì kọ 50 sí àyà gáùn àgbàlagbà, ìdajì nìyẹn: wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n sì wọ̀n ọ́n láti abíyá kan dé èkejì. Ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 100, ni yíká àyà aṣọ náà.

Tépù télọ̀ ni a fi ń wọn ara. Tépù tó ti pẹ́ máa ń nà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà ọmọ iléèwé. Bí 30 tépù kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú 30 rúlà, ẹ ra òmíràn. Kọ́mú tí ẹ máa wọ̀ sábẹ́ aṣọ náà ni kó wà lára, kì í ṣe aṣọ tó nípọn. Ibi tí àyà ti yọ jù ni kí tépù gbà kọjá, ibi tí ìbàdí ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, àti ibi tí ìdí ti fẹ̀ jù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀. Ẹ̀yìn ni ìṣòro wà. Tépù máa ń yọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń wọn ara rẹ̀ mọ̀, ìwọ̀n á sì yí padà, nítorí náà ẹ dúró síwájú dígí tàbí kí ẹ pe ẹnìkan. Ìwọ̀n inú ìwé télọ̀ àdúgbò kò ṣeé gbé lé àtẹ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ bi í bóyá ó ti fi àyè ìrán kún un. Ínṣì ló sì sábà máa ń kọ, bẹ́ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà ló pọ̀ lórí àtẹ. Ínṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54.

Ká mú obìnrin kan tí àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 38, ìbàdí 32, ìdí 42. Ní sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 96.5, 81 àti 107. Ó fẹ́ ra gáùn àǹkárá kan tó fún mọ́ra, tó ní síìpù lẹ́yìn. Àtẹ ìwọ̀n ara tí oǹtajà gbé jáde sọ pé L wà fún àyà 97, ìbàdí 79, ìdí 103, XL sì wà fún 102, 84 àti 108. Àyà rẹ̀ ń pe L, ìdí rẹ̀ ń pe XL. Bí ó bá tẹ̀ lé àyà, síìpù á dúró lókè ìdí, kò ní í lọ síbì kankan mọ́. XL ni kó rà, kí télọ̀ dín àyà kù. Tó bá jẹ́ gáùn tó fẹ̀ láti ìbàdí lọ sílẹ̀ ni, a ò ní í ro ti ìdí mọ́, ìbàdí nìkan ló kù tó ń bá L jà. Èjìká nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún nínú sáìsì ńlá, torí pé iṣẹ́ ńlá ni kí télọ̀ tú apá aṣọ kúrò kó tó dín in.

Bí aṣọ bá dé tí kò bá wọ̀, ẹ má tíì gé lébẹ́ẹ̀lì, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi páúdà tàbí lọ́fínńdà sára kí ẹ tó dán an wò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú tépù lórí rẹ̀. Ìwọ̀n yẹn ló máa sọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ló sì máa sọ ẹni tó yẹ kó sanwó ọlọ́kadà ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ lè kọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Gáùn XL tí mo rà ti dé, mo dúpẹ́. Àtẹ yín sọ pé XL wà fún ìbàdí 84, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ èyí sílẹ̀, 40 ni ìbàdí rẹ̀, ìyẹn 80 yíká. Àwòrán rèé. Ṣé XL mìíràn wà nílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ìbàdí rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì bá mi yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó dá èyí padà."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ló ti dá aṣọ padà, kí wọ́n tó gbọ́ pé sáìsì tí wọ́n fẹ́ ti tán. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà sọ pé ọjà tí èèyàn rà nípa àpèjúwe gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, nítorí náà ẹni tó ní àwòrán tépù lọ́wọ́ kì í ṣe alágbe. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó rà á ló ṣi sáìsì mú, ọ̀rọ̀ di ti àdéhùn oǹtajà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ra aṣọ lórí ẹ̀rọ ayélujára lọ́dọ̀ oníṣòwò ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí aṣọ dé láti sọ pé òun kò rà mọ́, láìsọ ìdí kankan, àfi bó bá jẹ́ pé wọ́n dìídì rán an fún un ni.

Aṣọ tó wá láti Ṣáínà ni ìpààrọ̀ rẹ̀ kì í sábà bọ́gbọ́n mu, torí owó ìfiránṣẹ́ padà lè ju owó aṣọ lọ. Èyí tó bá tóbi, télọ̀ ni ẹ gbé e fún. Èyí tó bá fún, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ wo bí etí aṣọ tó wà lẹ́yìn ojú ìrán ṣe fẹ̀ tó. Télọ̀ àdúgbò máa ń fi ínṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ilé-iṣẹ́ sábà máa ń ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré, tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ tí wọ́n sì rán an pa. Irú ìyẹn kò ṣeé tú fẹ̀, àfi kí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á.