Ṣé kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ló ń ba fídíò jẹ́?

Kò sí ibi tí àwọn tó ń ṣe fídíò n'Ìbàdàn ti pàdé, ì báà jẹ́ Mọ́kọ́lá tàbí Bódìjà, tí ẹnì kan ò ní fọ́nnu pé òun kì í kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Inú mi ni mo ti ń sọ ọ́." Ẹ ó rò pé ẹni tó kọ tiẹ̀ sílẹ̀ jí nǹkan ni. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Mi ò sọ pé àwọn tó ń kàwé níwájú kámẹ́rà kì í súni o. Ojú wọn á máa rìn láti òsì sí ọ̀tún, ohùn wọn á dúró sójú kan. Àmọ́ ẹjọ́ ojú tó ń rìn ò le: ẹ lẹ ìwé náà mọ́ abẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, kí ẹ sì sún sẹ́yìn tó ìwọ̀n mítà méjì. Bí èèyàn bá ṣe jìnnà tó ni ìrìn ojú rẹ̀ ṣe ń dínkù tó lójú òǹwòran.

Ohùn ló le, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti ń dá ẹ̀bi fún aláìṣẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ, ojú ni wọ́n kọ ọ́ fún, kì í ṣe etí. Ẹ jẹ́ ká fi fídíò kékeré kan lórí Ilé Kòkó ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó jókòó ti bírò máa ń kọ ọ́ báyìí:

"Ilé Kòkó, èyí tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà fi owó tó wọlé láti inú títa kòkó kọ́ sí àdúgbò Dùgbẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1965, ni iná jó ní ọdún 1985."

Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àmọ́ ẹ kà á sókè. Èémí á ti tán kẹ́ ẹ tó dé ibi iná, òǹwòran á sì ti gbàgbé ohun tó jóná. Ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ á sọ pé:

"Ẹ wo ilé gíga tó wà ní Dùgbẹ̀ yìí. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, iná sọ nínú ẹ̀."

Àkọsílẹ̀ ni èyí náà. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti débẹ̀ ni kí èèyàn kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù bí ẹni ń rò ó fún àbúrò ẹ̀, kó wá gbọ́ ọ, kó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Níbi tí èémí bá ti gé kí ìdánudúró tó dé, kó pín gbólóhùn náà sí méjì. Kó fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú, torí ẹni tó bá ní láti dúró kó tó mọ̀ bóyá "igba" owó ni àbí igbá olómi, òǹwòran á gbọ́ ìdúró náà. Àwọn tó ń sọ pé àkọsílẹ̀ gbẹ, mélòó nínú wọn ló ti ṣe èyí rí?

Ká wá ní ẹni tó ń sọ ọ́ láti inú kọ kókó bíi mélòó kan sílẹ̀ fún Ilé Kòkó kan náà. Á ní, "Wọ́n ṣí i ní 1985... rárá, 1965." Ẹni tó ń gé fídíò á yọ ìyẹn kúrò, ojú ibi tó gé á sì hàn, orí èèyàn á fò fìrì láti apá kan sí ìkejì, àfi tó bá rí àwòrán míì fi bò ó. Iṣẹ́ tí kò ṣe nídìí bírò ló ń dúró dè é nídìí kọ̀ǹpútà.

Ìdí nìyẹn tí kókó ọ̀rọ̀ fi dára fún fídíò tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń ro àmàlà ò lè máa kàwé, omi tó ń hó ò ní dúró dè é, ìkòkò fúnra ẹ̀ á sì máa rán an létí ohun tó kàn. Bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, ẹ fi àwòrán orógùn bo ibi tẹ́ ẹ gé. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá kọ gbogbo ìbéèrè ẹ̀ délẹ̀ kì í gbọ́ ìdáhùn mọ́. Àmọ́ ìpolówó ọjà tí kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, tàbí fídíò tí ohùn nìkan ń sọ lórí àwòrán, ẹ kọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Àwọn tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí rédíò lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe ètò odindi wákàtí kan, mi ò bá wọn dù ú. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, mo rò pé kí èèyàn kọ gbólóhùn àkọ́kọ́, èyí tó kẹ́yìn, àti gbogbo iye àti orúkọ tán, kó fi ìyókù sílẹ̀ bíi kókó, ló bójú mu jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fídíò ìlera, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi inú sọ ìwọ̀n nǹkan. Omi oníyọ̀-àti-ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru jẹ́ ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì, kí ìkankan má ga kọjá ẹnu ṣíbí, nínú lítà kan omi tó mọ́. Bí ahọ́n yín bá yí iyọ̀ àti ṣúgà padà, ìyá tó ń wò yín ò ní mọ̀. Ohun tẹ́ ẹ sọ ló máa pò fún ọmọ ẹ̀.