Àkòrí ímeèlì: kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ dà?

Ìlà kan wà lókè ímeèlì tí wọ́n kọ `Subject` sí, ibẹ̀ là ń pè ní àkòrí. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fi ibẹ̀ kí ọ̀gá, "Ẹ káàárọ̀ sà", tàbí ká kọ "PÀTÀKÌ" gàdàgbà ká sì fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á á wá rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ lórí fóònù ẹ̀, kò sì ní mọ èyí tó ń dúró dè é àti èyí tó lè di ọ̀la. Àkòrí tó dáa máa ń sọ nǹkan méjì kéèyàn tó ṣí ímeèlì yẹn rárá: ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, àti ìgbà tí àyè ẹ̀ máa tán.

Ẹ jẹ́ ká mú owó dísù jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì kan l'Ékòó. Akáúńtáǹtì fẹ́ kí ọ̀gá fọwọ́ sí ₦850,000, ẹni tó ń ta dísù sì ti ní tóun ò bá rí álẹ́ẹ̀tì kó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, òun ò ní gbé e wá mọ́, torí pé ọjọ́ kejì ẹ̀, 12 Júùnù, họlidéè ni. Akáúńtáǹtì wá kọ ọ́ báyìí:

"Nípa ọ̀rọ̀ dísù"

Irọ́ kọ́ o, dísù ló ń sọ. Àmọ́ ọ̀gá lè rò pé wọ́n ti gbé e dé ni, wọ́n kàn ní kóun gbọ́, ló bá fi sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ó tún un kọ:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìrántí nípa ìnfọ́ìsì dísù tí mo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ bá wa fọwọ́ sí i kó tó di Ọjọ́rú"

Gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ìparí ni ohun tó ṣe pàtàkì wà. Fóònù tó pọ̀ kì í fi ju bíi lẹ́tà 30 sí 40 hàn nínú àkòrí, torí náà ohun tí ọ̀gá máa rí ò ju "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìrántí nípa ìnfọ́ìsì dísù" lọ. Ohun tó yẹ kó ṣe àti ọjọ́ ẹ̀ ti bọ́ sọ́hùn-ún. Èyí ló dáa:

"Ẹ fọwọ́ sí owó dísù kó tó di Ọjọ́rú 11 Júùnù, aago 12 ọ̀sán: ₦850,000"

Fóònù ì báà gé e, iṣẹ́ àti ọjọ́ ti hàn. Àwọn kan máa ní ṣé èèyàn lè máa pàṣẹ fún ọ̀gá báyẹn ni. "Ẹ" tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti gbé ọ̀wọ̀ yẹn, lẹ́tà kan péré, kíkí àti ẹ̀bẹ̀ tó kù, inú ímeèlì ni kẹ́ ẹ kó wọn sí, ibẹ̀ láyè dáadáa.

Ibi ọjọ́ ni wàhálà pọ̀ sí jù. "Kó tó di Ọjọ́rú" nìkan, ẹlòmíì á gbọ́ ọ pé kó parí lálẹ́ Ìṣẹ́gun, ẹlòmíì á ní Ọjọ́rú náà ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí aago fi wọ̀ ọ́. "11/6" náà, l'Ékòó àti ní London 11 Júùnù ni, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá yẹn bá wà ní Houston, 6 Nòfẹ́ńbà ló máa kà á sí, ẹ kúkú kọ orúkọ oṣù. Aago wọn náà ńkọ́? Ní Júùnù, aago 12 ọ̀sán Èkó, aago 6 àárọ̀ ni ní Houston, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, torí náà ẹ yáa fi àyè sílẹ̀ kó parí lálẹ́ Ìṣẹ́gun, kẹ́ ẹ sì kọ "aago Èkó" sí i. London ò yọni lẹ́nu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago wọn àti tiwa dọ́gba, àfi láti òpin Ọ̀tóbà dé òpin Máàṣì tí wọ́n máa ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa.

Tó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún lẹ fi ránṣẹ́ sí, ẹ dárúkọ ẹni tó máa fọwọ́ sí i nínú àkòrí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kálukú á máa wo ẹnì kejì. Iṣẹ́ méjì tí ọjọ́ wọn yàtọ̀, ímeèlì méjì ni.

Tí ọjọ́ bá wá yí padà ńkọ́? Ẹni tó ń ta dísù lè ní òun á dúró di Ọjọ́ Ẹtì, àmọ́ bẹ́ ẹ bá kàn fèsì, `Re:` á ṣì máa gbé Ọjọ́rú kiri, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn náà á ní ọjọ́ ti kọjá, kò sì ní ṣí i. Ẹ yí àkòrí yẹn padà sí ọjọ́ tuntun. Ní Gmail, ìyẹn máa yọ ọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá, bí ímeèlì tuntun ló máa ṣe wọlé, ẹ tún so ìnfọ́ìsì mọ́ ọn kó má baà máa wá a.