Ìdí tí mo fi tún Àwòrán Kẹrin yà

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà.

Ẹ ó rí i pé Àwòrán Kẹrin inú mẹ́múà mi, ìwé ìwádìí àṣekágbá, kò rí bí ẹ ṣe fọwọ́ sí i mọ́. Mi ò yí iye kankan padà. Kànga 12 kan náà nílùú Àjàṣẹ́ ni, kòkòrò ìgbẹ́ kan náà, í-kólì, tí mo kà nínú 100 mìlílítà omi. Òṣùwọ̀n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo pààrọ̀. Bí a ṣe ń ka kòkòrò náà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mi ò ní tún un sọ.

Ọkùnrin kan tó ń fọ kànga kiri ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ti fún onílé kan ní ẹ̀dà àwòrán àtijọ́, nítorí omi kànga rẹ̀ wà lára èyí tí mo yẹ̀ wò. Afọkànga yìí yà á sínú fóònù, ó wá ń fi polówó ọjà. Á nawọ́ sí kànga kẹta, á ní, "Ẹ wo bó ṣe ga tẹ́lẹ̀, ẹ wo ibi tó já sí nígbà tí mo da jáfẹ́lì, oògùn apakòkòrò mi, sí i. Omi ti mọ́!" Kànga náà ní 42,000 kí ó tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ku 4,200. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì wí ni pé a ò gbọdọ̀ rí ẹyọ kan nínú 100 mìlílítà omi mímu. Ìyá ọmọ inú ilé náà ti ṣíwọ́ síse omi.

Inú bí mi. Àmọ́ nígbà tí mo tún àwòrán mi wò, mo rí i pé èmi ni mo fi ohun tó ń tà lé e lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ láti òfo dé 50,000, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà. Lórí rẹ̀, 42,000 ga tó sẹ̀ǹtímítà 8 ààbọ̀ ó dín díẹ̀. 4,200 kò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Kànga tó ní 300, tó lè gbé ọmọdé dè, kò nípọn ju ìlà bírò lọ. Ta ni yóò wo ìlà bírò tí yóò bẹ̀rù?

Nínú tuntun, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: 1, 10, 100, títí dé 100,000. Àtẹ̀gùn márùn-ún ni, sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì. 42,000 wà ní 9.2, 4,200 wà ní 7.2, 300 sì wà ní nǹkan bí 5. Gbogbo iṣẹ́ jáfẹ́lì ọkùnrin yẹn kò ju àtẹ̀gùn kan lọ. Ó pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìyẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ṣì kù kí ó tó dé ìsàlẹ̀.

Mo yọ àwọn òpó tó dúró fún àwọn kànga kúrò, mo fi àmì róbótó rọ́pò wọn. Òṣùwọ̀n irú èyí kò ní òfo, nítorí náà òpó kò ní ilẹ̀ tí yóò dúró lé. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.1 dípò 1, gbogbo òpó ni yóò gùn sí i láìjẹ́ pé omi kan yí padà.

Wàyí o, kànga méjì tí mi ò rí kòkòrò kankan nínú wọn. Ẹ̀rọ fẹ́ sọ wọ́n nù, ó kàn kọ ọ́ sójú mi pé:

```
2 y values <= 0 omitted from logarithmic plot
```

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n fi 1 kún gbogbo iye, kí n má wí fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ̀. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kànga tí mi ò ti rí nǹkan kan yóò dúró síbi tó yẹ kí kànga tó ní kòkòrò kan dúró. Kànga tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ mi nìwọ̀nyí, àwọn tó ní ìdérí! Mo fi àmì róbótó tí inú rẹ̀ ṣófo yà wọ́n sísàlẹ̀ ìlà, mo kọ "a kò rí" sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Àléébù kan wà tí n ò ní fi pa mọ́: ẹni tó bá yára wò ó lè rò pé 42,000 àti 4,200 súnmọ́ra. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ iye gan-an sára kànga kẹta.

Mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. 38,000. Baálé ní ọ̀tá ló da nǹkan sínú kànga òun lóru. Mo ní, "Bàbá, ṣáláńgá yín nìyí, ẹsẹ̀ mẹ́jọ péré sí kànga." Jáfẹ́lì ń tán nínú omi tó dọ̀tí bẹ́ẹ̀, omi tuntun sì ń sun wọlé láti inú ilẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá ọmọ ti padà sí síse omi.

Mo gba ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, mo fún wọn ní tuntun. Ti inú fóònù afọkànga ni mi ò rí gbà.