Dídá ojú ilẹ̀ géèmù pẹ̀lú ariwo alápòpọ̀ àti àgbàrá

Dídá ojú ilẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà ṣe òkè, àfonífojì àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ inú géèmù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yà wọ́n. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni máàpù gíga, ìyẹn tábìlì nọ́ńbà kan tí àpótí kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń sọ iye mítà tí ilẹ̀ ga sí. Iṣẹ́ náà sábà máa ń pín sí méjì. Ariwo oníṣirò, ìyẹn nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ibì kan dé èkejì, tí a tò léra ló ń fún ilẹ̀ ní ìrísí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni àfarawé àgbàrá yóò gbẹ́ ojú odò sí i lára. Bí nọ́ńbà orísun tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò bá yí padà, ilẹ̀ kan náà ni yóò máa jáde.

Ariwo àti ìpele rẹ̀

Ken Perlin, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ lórí fíìmù Tron (1982), ló ṣe ariwo tí a mọ̀ jù ní 1983. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1985, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Ọ́síkà ti ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí rẹ̀ ní 1997. Ìlànà rẹ̀ kò le: a pín ayé sí onígun mẹ́rin tó dọ́gba, a fi ọfà tó kọjú síbi tó wù ú sí igun kọ̀ọ̀kan, a sì ń po ohun tí ọfà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ pọ̀ láti mọ gíga ibikíbi tó wà láàárín wọn. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé a lè béèrè gíga ibì kan ṣoṣo láìṣírò ti àyíká rẹ̀ rárá.

Ariwo kan ṣoṣo máa ń wú rọ́bọ́rọ́bọ́ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ kó sí nínú. Ìdí nìyí tí a fi ń to púpọ̀ léra. Ká ní àpótí kan jẹ́ mítà kan. Ìpele àkọ́kọ́ ní ìgbì tó gùn tó mítà 512, tó sì ga tó mítà 100. Ìpele kejì jẹ́ ìdajì rẹ̀ ní gígùn àti ní gíga, ẹ̀kẹta jẹ́ ìdajì ìyẹn, títí dé ìkẹfà tí ìgbì rẹ̀ gùn ní mítà 16, tí gíga rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ.

```
function fbm(x, y):
    h = 0; a = 100; f = 1/512
    for i = 0 to 5:
        h += a * noise(x*f + i*37.3, y*f + i*91.7)
        a *= 0.5; f *= 2
    return h
```

Nọ́ńbà `0.5` inú kóòdù yìí ló ń pinnu bí ilẹ̀ ṣe máa rí. Mítà 100 nínú 512 àti mítà 50 nínú 256 jẹ́ ìdagẹ̀rẹ́ kan náà, torí náà ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi ìwọ̀n gẹ̀rẹ́ tó dọ́gba kún ilẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di `0.65`, ìpele kẹfà yóò ga tó mítà 11.6 lórí ìgbì mítà 16, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Gbogbo ilẹ̀ á wá di págunpàgun, kò ní sí ibi tí ènìyàn lè kọ́ ilé sí.

Àwọn `37.3` àti `91.7` kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ariwo Perlin máa ń jẹ́ òdo ní igun onígun mẹ́rin rẹ̀. Bí a kò bá sún ìpele kọ̀ọ̀kan kúrò ní ipò, igun gbogbo wọn á bára mu ní gbogbo mítà 512, gíga ilẹ̀ níbẹ̀ á sì jẹ́ òdo láìyẹ̀. Bí a bá wo máàpù láti òkè, a ó rí àmì tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níbi tí kò yẹ kí ìlà kankan wà.

Ìdí tí ariwo kò fi ní odò

Ohun tó mú ariwo rọrùn náà ló fa àìpé rẹ̀. Ibì kan kò mọ ohun tó wà lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi kò lè ṣe kó má mọ̀ ọ́n. Nínú ilẹ̀ tòótọ́, àfonífojì kékeré ń já sí ńlá títí tí yóò fi dé òkun. Nínú ilẹ̀ oníariwo, kòtò tí kò ní ọ̀nà àbájáde ló kún ibẹ̀: bí a bá da omi sí i, adágún kéékèèké ni yóò dá káàkiri. Àwọn onímọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà, F. Kenton Musgrave, Craig Kolb àti Robert Mace, ti fi àfarawé àgbàrá sí i lára ní 1989. Wọ́n tún fi èkejì sí i, níbi tí ilẹ̀ tó dúró gan-an jù ti ń ya lulẹ̀ títí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ yóò fi rọ̀. Fún iyanrìn gbígbẹ, ìdagẹ̀rẹ́ yẹn jẹ́ nǹkan bí dígírì 30 sí 35.

Ẹ̀kán omi kan

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ṣe àgbàrá ni kí a máa jẹ́ kí ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan kán síbi tó bá bọ́ sí, kí a sì tẹ̀lé e bó ṣe ń ṣàn. Ẹ̀kán náà ń gbé iyanrìn. Iye tó lè gbé jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ ilẹ̀ tí a fi eré sísá rẹ̀, omi tó kù nínú rẹ̀ àti nọ́ńbà kan tí a yàn sọ di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká lo 3.

Ká ní ẹ̀kán kan wà ní gíga mítà 40, ibi tó kàn sì jẹ́ 39.7. Eré rẹ̀ jẹ́ 1, omi rẹ̀ jẹ́ 1, ó sì ti gbé 0.3. Ó lè gbé 0.3 × 3, ìyẹn 0.9, torí náà àyè 0.6 ṣì kù. Kò ní gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ní kó máa gbé ìdá 0.3 àyè náà, ó gbẹ́ 0.18, ẹrù rẹ̀ di 0.48. Níbi tó kàn, ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní 0.05 péré. Omi ti gbẹ díẹ̀, ó ku 0.99. Ká fi eré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1 kí ìṣirò má bàa gùn. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.15 lọ mọ́, ẹrù rẹ̀ sì ti fi 0.33 pọ̀ jù ú lọ. Ó sọ ìdá 0.3 àpọ̀jù náà sílẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 0.1. Bí òkè ṣe ń di ihò tóóró nìyẹn, tí ẹsẹ̀ òkè sì ń di pẹ̀tẹ́lẹ̀ oníyanrìn. Ẹ̀kán 200,000 lórí máàpù 512 × 512 kò tó ẹyọ kan fún àpótí kan, síbẹ̀ ó máa ń tó láti mú ojú odò hàn gbangba.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Bí a kò bá dí ẹ̀kán lọ́wọ́ kó má gbẹ́ ju ìsọ̀kalẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lọ, yóò gbẹ́ ihò jìn ju ibi tó ń lọ. Àmì rẹ̀ ni kòtò alápòótí kan tó ń jìn sí i bí ẹ̀kán ṣe ń pọ̀. Èkejì ni kí gbogbo gbígbẹ́ wáyé nínú àpótí kan ṣoṣo, tí ilẹ̀ yóò fi kún fún ìlà tínínrín bí ẹni fi ẹ̀kánná ha á. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí a pín gbígbẹ́ náà ká àpótí tó yí i ká, nǹkan bí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ayé tí kò lópin

Àgbàrá ṣòro fún géèmù tó ń dá ilẹ̀ ní ègé-ègé bí ẹni tó ń ṣeré ṣe ń rìn. Ariwo kò bìkítà, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi lè ti ègé kan bọ́ sí èkejì, èyí tí kò tíì sí. Bí a bá ṣe àgbàrá fún ègé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ògiri kékeré á yọ níbi tí wọ́n ti pàdé. A lè fi etí kún ègé: ẹ̀kán tó ń rin ìgbésẹ̀ 30 kò lè kọjá àpótí 30. Ṣùgbọ́n èyí náà kò pé tán, nítorí ẹ̀kán tó ṣáájú ti yí ọ̀nà ẹni tó tẹ̀lé e padà, ipa rẹ̀ sì lè jìnnà ju etí náà lọ. Ó kéré tán, ibi tí ẹ̀kán ti kán gbọ́dọ̀ wá láti ipò rẹ̀ nínú ayé, kì í ṣe nínú ègé.

Géèmù Minecraft, tí ègé rẹ̀ jẹ́ 16 × 16, kò fi ẹ̀kán òjò gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ rárá. Láti ẹ̀dà 1.18 (2021), ohun tó ń jẹ́ `erosion` nínú rẹ̀ jẹ́ ariwo mìíràn tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ yóò ti tẹ́ àti ibi tí yóò ti ga. Íñigo Quílez, ẹni tó ń fi kóòdù ya àwòrán, tún gbé ọgbọ́n kan jáde tó ń dín agbára ìpele kéékèèké kù níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó jọ ilẹ̀ tí àgbàrá ti fọ̀, kò sì náni ní nǹkan púpọ̀, àmọ́ àfonífojì rẹ̀ kì í já síra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ odò gidi sábà máa ń ṣe erékùṣù tó ní ààlà, kí àgbàrá lè ṣiṣẹ́ lórí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀.