Àríyànjiyàn lórí “ga”

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa sọ pé ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni “ga” nínú “Ọmọ náà ga”, torí bí ọmọ náà ṣe rí ló ń sọ. Ìwé kan tí mo kà ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ìṣe wo ni ọmọ náà wá ń ṣe? Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ìwé náà ni kí o gbà gbọ́. Mo hun ìtàn kékeré kan tí yóò fi ìdí rẹ̀ hàn ọ́.

Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè méjì jókòó, ìyá àgbà kan àti ọ̀dọ́kùnrin tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. Gbólóhùn tìrẹ yìí gan-an ló wà níwájú wọn.

“Mà, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni. Kò sí ìṣe kankan nínú rẹ̀.”

“Bí o bá ní ‘Mo mọ ọ̀nà’, kí lo ṣe?”

Ọ̀dọ́kùnrin náà dákẹ́. Gbogbo ayé ló gbà pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni “mọ̀”, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ ọ̀nà kò gbé ohunkóhun ṣe.

“Fi ìtumọ̀ sílẹ̀ ná,” ni ìyá wí. “Ibi tí ọ̀rọ̀ lè jókòó sí ni kí o wò. A ń sọ pé ọmọ náà sùn, kò sùn, yóò sùn, ó ti sùn. Fi ‘ga’ sí gbogbo àyè wọ̀nyẹn.”

Kò ga. Yóò ga. Ó ti ga. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà.

“Ó yá, fi ‘ńlá’ sí i.”

“Ilé náà kò ńlá” kò ṣeé sọ. “Ilé náà yóò ńlá” kò ṣeé sọ pẹ̀lú. Àfi kí ènìyàn sáré lọ mú “tóbi”.

Ọ̀dọ́kùnrin náà kò tíì gbà, ohun tó sì sọ tẹ̀ lé e lágbára. “Ẹ wò ó, mà. Bí mo bá ní ‘Ọmọ náà lọ’, lílọ ti parí. Bí mo bá ní ‘Ọmọ náà ga’, ó ga nísinsìnyí. Báwo ni wọ́n ṣe jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà?”

Bí kò bá sí “mọ̀” ni, ìbá jàre. “Ó mọ ọ̀nà” náà, nísinsìnyí ni. “Ó fẹ́ owó” náà, nísinsìnyí ni. Ohun tó rí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe pín sí méjì: àwọn kan ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn kan ń sọ ipò tí nǹkan wà. “Ga” wà nínú ẹgbẹ́ kejì, kò sì tìtorí ìyẹn kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe.

“‘Ọmọ gíga’ ńkọ́, mà? Ó kúkú ń yán ‘ọmọ’.”

“Gíga ló ń yán an, kì í ṣe ga. Báwo lo ṣe rí gíga?”

Ó mú kọ́nsónáǹtì àkọ́kọ́, ó fi “í” olóhùn òkè tì í, ó gbé e síwájú ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “lọ” ṣe di “lílọ”, tí “sùn” di “sísùn”. Bí a sì ṣe ń sọ pé “Sísùn ni ó sùn” la ń sọ pé “Gíga ni ó ga”. Kò sẹ́ni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún “ńlá”. Ibí yìí ni ọ̀dọ́kùnrin náà ti gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe tòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀: ńlá, rere, burúkú, tuntun, àti díẹ̀ sí i. Wo bí mẹ́ta nínú wọn ṣe ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá wọn rìn: tóbi, dára, burú. Kì í ṣe àwa nìkan. Mẹ́jọ péré ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà fún èdè Ìgbò, méjì-méjì tó tako ara wọn: ńlá àti kékeré, rere àti burúkú, dúdú àti funfun, tuntun àti ti àtijọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kó olùkọ́ yín ṣìnà, mo rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún “ga” níbẹ̀ kò lè dá dúró láìsí ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn níwájú rẹ̀. Tiwa ń dá dúró.

Ìbéèrè: “Dúdú” wá ńkọ́? A ń sọ “aṣọ dúdú”, a tún ń sọ “aṣọ náà dúdú”, kò sì yí padà.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí le ju “ga” lọ. “Kò dúdú” àti “yóò dúdú” ṣeé sọ, ìyẹn sì jẹ́ ti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ṣùgbọ́n “aṣọ dúdú” náà dúró láìfi ohunkóhun kún un, bí “ilé ńlá”. Lójú tèmi, ibi tó ti ṣẹ̀ wá ló tú u. “Dú” ni ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́. Ó ṣì wà nínú “adúláwọ̀” àti “adúmáadán”. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì kó lè máa yán ọ̀rọ̀-orúkọ, nígbà tó yá ni “dúdú” fúnra rẹ̀ wá gba àyè “dú” nínú gbólóhùn. Nítorí náà, mo ń pè é ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe nínú “aṣọ dúdú”, mo sì ń pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe nínú “aṣọ náà dúdú”. Onímọ̀ mìíràn lè ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ méjì ni. Lórí èyí, ìyá àgbà àti ọ̀dọ́kùnrin wa ṣì lè jókòó dalẹ́.